Ìfẹ́ Mẹ́rin Àwọn Gíríìkì

Àwọn oníwàásù fẹ́ràn láti máa sọ pé ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn Gíríìkì pín ìfẹ́ sí. Érọ́ọ̀sì ni ti olólùfẹ́ méjì tí ara àti ọkàn wọn ń fà síra, fílíà ni ti ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, sítọ́gè ni ti òbí sí ọmọ àti ti ẹbí lápapọ̀. Àgápè ni wọ́n máa ń pè ní ìfẹ́ Ọlọ́run, èyí tí kì í wo èrè.

Ibi tí wọ́n ti sábà máa ń lo ìpín yìí ni orí kọkànlélógún ìwé Jòhánù, níbi tí Jésù ti bi Pétérù léèrè ìfẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Nínú ìbéèrè méjì àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ìṣe tó bá àgápè tan ni Jésù lò. Èyí tó bá fílíà tan ni Pétérù fi dáhùn. Nígbà kẹta, Jésù náà lo ti Pétérù. Àwọn kan wá ní Pétérù kò lè dé òkè, ni Jésù bá sọ̀ kalẹ̀ bá a.

Àlàyé yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ìwé náà fúnra rẹ̀ kò tì í lẹ́yìn. Jòhánù sọ pé Baba fẹ́ràn Ọmọ ní orí kẹta àti ní orí karùn-ún: ọ̀rọ̀ àgápè ló lò ní àkọ́kọ́, ó lo ti fílíà ní èkejì. Nínú Májẹ̀mú Láéláé tí wọ́n túmọ̀ sí Gíríìkì, àgápè náà ni wọ́n pe ohun tí Ámúnónì ní sí Támárì kó tó fipá bá a lò pọ̀. Kò sí ìfẹ́ Ọlọ́run níbẹ̀.

Kí wá ni atúmọ̀ yóò ṣe? Bó bá fi “nífẹ̀ẹ́” sẹ́nu Jésù, tó fi “fẹ́ràn” sẹ́nu Pétérù, ìdáhùn náà á dà bí ìlọ́ra, nítorí a máa ń fẹ́ràn ẹ̀bà gbígbóná pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀, “bẹ́ẹ̀ ni” ni Pétérù kọ́kọ́ sọ. “Ṣé o fẹ́ mi?” nìkan sì ń dún bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ó sàn kó lo “nífẹ̀ẹ́” jálẹ̀, kí òǹkàwé lè gbọ́ ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, gẹ́gẹ́ bí Pétérù ti sẹ́ Jésù lẹ́ẹ̀mẹta.

Ibi tí ìyàtọ̀ ti ṣe pàtàkì ni orí kìíní ìwé Róòmù. Pọ́ọ̀lù to àwọn ìwà burúkú jọ, ó sì dárúkọ àwọn tí kò ní sítọ́gè. Bí atúmọ̀ bá kọ “aláìnífẹ̀ẹ́” lásán, ohun tí Pọ́ọ̀lù ń bá wí ti sọnù. Ẹni tí ọmọ ń sunkún ebi lójú rẹ̀ tí kò mì ín, tí òbí ń ṣàìsàn tí kò yà wò, ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. “Ẹni tí kò ní ìfẹ́ ẹbí” ló gbé e.