Ilé-Iṣẹ́ Tí Kò Fi Ìwé Ìṣirò Hàn: Báwo Ni A Ṣe Lè Mọ Bó Ṣe Tóbi Tó?

Ká ní ẹ ń po ọṣẹ olómi àti oògùn ìfọlẹ̀ tà ní Muṣin. Ilé-iṣẹ́ agbálẹ̀ kan wá bá yín láti Ìkẹjà pé àwọn fẹ́ máa kó ọjà ₦15 mílíọ̀nù lóṣooṣù, láwìn, àwọn ó sì máa san owó ọjà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn 60 ọjọ́. Ọ̀gá wọn múra dáadáa, ìkànnì wọn lórí ayélujára sì sọ pé òṣìṣẹ́ àwọn lé ní 500. Tí ẹ bá gbà, ọjà tó tó ₦30 mílíọ̀nù yóò ti wà lọ́wọ́ wọn kí kọ́bọ̀ àkọ́kọ́ tó wọlé. Báwo ni ẹ ṣe fẹ́ mọ̀ pé wọ́n tó bẹ́ẹ̀?

Tó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ìpín ìdókòwò rẹ̀ wà ní ọjà NGX ni, kò sí wàhálà: òfin mú un kó máa gbé ìṣirò rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé. Ti aládàáni kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wá orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì CAC, ohun tí ẹ ó rí ni nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, àdírẹ́sì, àti bóyá ó ṣì ń ṣe déédéé pẹ̀lú ìjọba. Iye tó ń pa kò sí níbẹ̀. Kódà, òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 gbà kí ilé-iṣẹ́ kékeré, ìyẹn èyí tí ọjà tó ń tà lọ́dún kò ju ₦120 mílíọ̀nù lọ tí ohun ìní rẹ̀ kò sì ju ₦60 mílíọ̀nù lọ lẹ́yìn gbèsè, má gba ayẹ̀wéwò rárá. Nítorí náà, ìwé tí ẹ ń wá lè má sí níbì kankan.

Ohun tó kù ni kí á ka ohun tí ojú rí: òṣìṣẹ́, ọ́fíìsì, àti àwọn ìpele iye tí ilé-iṣẹ́ náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sàmì sí níbòmíràn.

Orí òṣìṣẹ́ ni àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ sáré lọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti máa ń ṣì í jù. Àwọn kan á ṣí LinkedIn, wọ́n á rí "51-200 employees", wọ́n á sì gbà pé ọ̀rọ̀ parí. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló mú ìpele yẹn, kò sì sí ẹni tó bi í. Iye ènìyàn tó so orúkọ ara wọn mọ́ ilé-iṣẹ́ náà lórí ìkànnì kan náà ṣàǹfààní díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè irú ènìyàn tó ń lò ó. Ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, títí kan àwọn tó ti kúrò tí wọn kò tíì yọ orúkọ. Ní ilé-iṣẹ́ agbálẹ̀, àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì nìkan ni ẹ ó rí. Ìyá tó ń fọ ilẹ̀ báńkì láàárọ̀ kò wá nǹkan kan lọ sí LinkedIn.

Àwọn tó ń gbálẹ̀ gan-an, ẹsẹ̀ la fi ń wá wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ báyìí fẹ́ràn láti to orúkọ oníbàárà wọn sí ojú ìkànnì. Ká ní ẹ ka ibi 14 níbẹ̀: ẹ̀ka báńkì, ilé ìwòsàn, ilé ìtajà. Ẹ yan 4, kí ẹ lọ síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, nígbà tí àwọn agbálẹ̀ ń wọlé, kí ẹ sì ka àwọn tó wọ yúnífọ́ọ̀mù ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ rí 6, 8, 11 àti 11. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 36, tí a bá pín in sí 4, ibì kan gba ènìyàn 9. Ibi 14 á gba nǹkan bí 126. Bí ẹ ti wà níbẹ̀, ẹ kí mẹ́gáàdì, kí ẹ bi í bóyá àwọn wọ̀nyí ṣì ni wọ́n ń lò, torí orúkọ oníbàárà tó ti lọ tipẹ́ kì í yára kúrò lórí ìkànnì ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ kí ni ènìyàn 126 ń pa wọlé? Ibi tó gba làákàyè nìyí. Ẹ wo ẹni tó ń ta dísù ní ọ̀pọ̀: òṣìṣẹ́ 12 péré, akọ̀wé méjì, awakọ̀ díẹ̀. Ọkọ̀ agbépo tó wọ́pọ̀ máa ń gbé lítà 33,000. Tí a bá fi lítà kan sí ₦1,000 kí ìṣirò lè rọrùn, ọkọ̀ kan jẹ́ ₦33 mílíọ̀nù, ọkọ̀ 10 lóṣù jẹ́ ₦330 mílíọ̀nù, ọdún kan á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦4 bílíọ̀nù. Ènìyàn 12 ló ń ṣe é. Owó náà kì í ṣe èrè wọn o, ó kàn gba ọwọ́ wọn kọjá ni, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi orí òṣìṣẹ́ wọn wọ́n, ẹ ó pè wọ́n ní oníṣọ́ọ̀bù. Ìdí nìyí tí kò fi sí iye kan pàtó tí a lè sọ pé òṣìṣẹ́ kan ń pa ní gbogbo òwò. Níbi tí wọ́n ti ń ta ọjà olówó gọbọi, orí òṣìṣẹ́ kò sọ nǹkan kan. Níbi tó jẹ́ pé agbára ènìyàn gan-an ni wọ́n ń tà, bí agbálẹ̀ tàbí ẹ̀ṣọ́, owó oṣù ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó ń wọlé, a sì lè gba ẹ̀yìn owó oṣù débi owó tó ń wọlé.

Ọ́fíìsì ló máa fún wa ní iye àwọn tó kù. Ẹ ṣí àwòrán òkè lórí Google Earth, kí ẹ lo rúlà tó wà níbẹ̀ láti wọn ilé náà. Ti Ìkẹjà yìí jẹ́ mítà 20 ní gígùn àti 10 ní fífẹ̀, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, àmọ́ pátákó iwájú fi hàn pé òkè nìkan ni wọ́n gbà, ilé oògùn ló wà nísàlẹ̀. Mítà onígun 200 nìyẹn. Ẹni kan nínú ọ́fíìsì máa ń gba nǹkan bí 8 sí 12 tí a bá ka ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti yàrá ìpàdé mọ́ ọn, nítorí náà ibẹ̀ á gba ènìyàn 17 sí 25. A ó mú 20. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí á wọn gbogbo ilé nígbà tó jẹ́ pé àjà kan ni wọ́n háyà. Èkejì ni kí á lọ sí àdírẹ́sì tó wà ní CAC, kó wá jẹ́ ti lọ́yà tó bá wọn forúkọ sílẹ̀. Tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ wo jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ amúlétutù tó wà lára ògiri: àjà tí ènìyàn 20 ń lò kì í ní ẹ̀rọ amúlétutù méjì péré.

Ó kan ìpele owó. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá ń du kọ́ńtíráàtì, tàbí tó ń forúkọ sí ìwé àwọn oníṣòwò, wọ́n sábà máa ń bi í bí ọjà tó ń tà lọ́dún ṣe pọ̀ tó, á sì sàmì sí ìpele kan. Àwọn wọ̀nyí sàmì sí ₦100 mílíọ̀nù sí ₦500 mílíọ̀nù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á mú àárín gbùngbùn, ₦300 mílíọ̀nù. Ó ti pọ̀ jù, torí nínú ìpele tó fẹ̀ báyìí, àwọn tó wà nísàlẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó wà lókè lọ. Ohun tó sàn ni kí ẹ fi 100 lọ́nà 500, yóò jẹ́ 50,000, kí ẹ tẹ √ lórí kakulétọ̀: 224 ló máa jáde. Ẹ tún wo ọdún tí wọ́n sàmì náà. Owó oṣù tó kéré jù lófin fò láti ₦30,000 sí ₦70,000 ní ọdún 2024, iye tí wọ́n kọ ṣáájú ìgbà náà kò sì lè dúró fún ti òní.

Ìwé kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, rìsíìtì ITF. Òfin ní kí ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tó ń ta ọjà ₦50 mílíọ̀nù lọ́dún, máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù ọdún fún àjọ náà. Ilé-iṣẹ́ tó ń wá kọ́ńtíráàtì ìjọba ní láti ní ìwé ẹ̀rí ITF, ẹni tó bá sì fẹ́ ra àwìn lọ́wọ́ yín kò yẹ kó bínú tí ẹ bá ní kó mú rìsíìtì rẹ̀ wá. Tiwọn jẹ́ ₦1.4 mílíọ̀nù. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100: owó oṣù tí wọ́n jẹ́wọ́ lọ́dún náà jẹ́ ₦140 mílíọ̀nù. Kò sẹ́ni tó ń sọ iye tó ju ti òótọ́ fún ẹni tó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ilẹ̀ la pe iye yìí, òtítọ́ lè ga jù ú lọ díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá ṣírò tiwa. Agbálẹ̀ 126, tí ọ̀kan nínú wọn sọ pé ₦80,000 ni wọ́n ń san fún àwọn, ń gba nǹkan bí ₦10 mílíọ̀nù lóṣù. Ẹni 20 inú ọ́fíìsì, tí a bá fi wọ́n sí ₦200,000 lórí, ń gba ₦4 mílíọ̀nù. ₦14 mílíọ̀nù lóṣù nìyẹn, tí ọdún á fi tó ₦168 mílíọ̀nù. Tí a bá gbà pé nínú iṣẹ́ báyìí owó oṣù ń jẹ ₦60 sí ₦70 nínú gbogbo ₦100 tó wọlé, ọjà tí wọ́n ń tà lọ́dún wà láàárín ₦240 mílíọ̀nù àti ₦280 mílíọ̀nù. Tí a bá gba ọ̀nà ti ITF, a ó rí nǹkan bí ₦215 mílíọ̀nù. Ìpele tí wọ́n sàmì sí ní ₦224 mílíọ̀nù. Ọ̀nà mẹ́ta tí kò bá ara wọn tan kó wa dé àdúgbò kan náà, a lè mú ₦250 mílíọ̀nù. Ká ní ọ̀kan nínú wọn sọ ₦90 mílíọ̀nù ni, a kò ní pa wọ́n pọ̀ kí á pín in. A ó padà lọ wo ibi tí a ti kà á ṣì, tàbí bóyá àwọn òṣìṣẹ́ kan wà lábẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn tó jẹ́ ti ọ̀gá kan náà.

Òṣìṣẹ́ 500 wá ńkọ́? Tí agbálẹ̀ bá jẹ́ 480, owó oṣù gbogbo wọn á ju ₦500 mílíọ̀nù lọ lọ́dún, ọjà títà á sì súnmọ́ ₦800 mílíọ̀nù. Ìyẹn ti fò kọjá ìpele tí wọ́n fọwọ́ ara wọn sàmì sí. Ó lè jẹ́ pé gbogbo ẹni tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ rí ni wọ́n kà.

Àmọ́ irọ́ orí ìkànnì kọ́ ló yẹ kó bà yín lẹ́rù jù, ọjà tí wọ́n fẹ́ kó ni. Nínú ₦250 mílíọ̀nù, owó oṣù ti mú bí ₦165 mílíọ̀nù lọ. Ó ku ₦85 mílíọ̀nù fún háyà, dísù, ọkọ̀, owó orí, ọṣẹ àti èrè, nǹkan bí ₦7 mílíọ̀nù lóṣù fún gbogbo rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ní ₦7 mílíọ̀nù lóṣù fún ohun gbogbo ló wá ń béèrè ọṣẹ ₦15 mílíọ̀nù. Kò lè fi í fọ ilẹ̀. Bóyá wọ́n fẹ́ tún un tà ní ọjà kí wọ́n fi owó yín ṣe òwò mìíràn, bóyá kọ́ńtíráàtì ńlá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí wọn lọ́wọ́ tí ojú wa kò tíì tó. Ẹ ní kí wọ́n mú lẹ́tà kọ́ńtíráàtì náà wá. Tí kò bá sí, ọjà ₦1.5 mílíọ̀nù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé fún wọn, kí wọ́n san án tán kí ẹ tó gbé òmíràn.