Bí Ọ̀sán Ṣe Ń Gùn Sí I: Ìyásí Áàkì-sáìnì Nínú Tábìlì Oòrùn

Ẹni tó bá ṣí àlámànàkì sí ibi tí wọ́n ń kọ àkókò tí oòrùn ń yọ àti àkókò tó ń wọ̀, tó sì gbé ti Èkó sí ẹ̀gbẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù, yóò rí nǹkan kan ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹta nínú oṣù Kẹta. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ojoojúmọ́ ni ọ̀sán ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 gùn sí i. Ní Èkó, gbogbo ohun tó ń lé kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 21 lọ. Oòrùn kan náà ló ń ràn sí ìlú méjèèjì. Fọ́ńṣọ̀n tí a fi ń ṣírò ìyàtọ̀ náà kò ṣàjèjì sí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kankan: òun ni wọ́n kọ sára kalukulétọ̀ pé sin⁻¹, tí ìwé mìíràn ń kọ ní arcsin. (John Herschel ló gbé sin⁻¹ jáde ní 1813, ó sì ti kó ọ̀pọ̀ ọmọléèwé sí wàhálà láti ìgbà náà, nítorí wọ́n rò pé 1/sin ni.)

Bí a bá fẹ́ mọ iye wákàtí tí ọ̀sán fi gùn, ohun tí a ń ṣírò nìyí:

D = 12 + (24/π) · arcsin(tan φ · tan δ)

φ ni bí ìlú ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé tó: dìgírì 6.5 fún Èkó, 51.5 fún Lọ́ńdọ̀nù. δ ni bí oòrùn fúnra rẹ̀ ṣe yà kúrò lórí ìlà náà sí àríwá tàbí gúúsù. Ní nǹkan bí 20 oṣù Kẹta, òdo ni δ. Ní nǹkan bí 21 oṣù Kẹfà, ó ti di 23.44. Ìlà ìṣirò yìí ń sọ bí ọ̀sán ṣe gùn tó lónìí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń béèrè iye tí yóò fi lé ti òní lọ́la, ìyásí ìyípadà arcsin ni a ń wá, ó sì yẹ ká mọ ibi tí wọ́n ti ń rí i.

Sáìnì a máa gba igun, a sì máa dá nọ́ńbà padà. Arcsin a máa gba nọ́ńbà náà, yóò sì dá igun padà. Ká ní f ni fọ́ńṣọ̀n tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, tí g sì ni èyí tó ń tú iṣẹ́ náà, a jẹ́ pé f(g(x)) = x. Bí x bá sún díẹ̀, g yóò sún ní ìyásí tirẹ̀, f yóò sì fi ìyásí tirẹ̀ sọ èyí tí g sún di púpọ̀. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé x gan-an ni a tún bá níparí, ìyásí méjèèjì tí a bá sọ ara wọn di púpọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 1. Òfin gbogbogbòò náà nìyí:

g′(x) = 1 / f′(g(x))

Ẹni tó ń fi téèpù wọn aṣọ mọ èyí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ: láti ìǹṣì sí sẹ̀ntímítà, 2.54 ni, láti sẹ̀ntímítà padà sí ìǹṣì, 1/2.54 ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìyásí ti téèpù kì í yí padà, ti sáìnì sì ń yí padà láti igun dé igun. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ mọ ibi tí a ti ń wọn ìyásí f. Kì í ṣe níbi x, bí kò ṣe níbi g(x), ìyẹn igun tí a padà sí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà.

Ẹ jẹ́ ká gbé sáìnì síbẹ̀. Bí y = arcsin x, sin y = x nìyẹn. Kósáìnì ni ìyásí sáìnì, nítorí náà 1/cos y ni èsì. A kò fẹ́ y nínú rẹ̀, x la fẹ́; ṣùgbọ́n sin²y + cos²y = 1, torí náà cos y = √(1 − x²). Gbòǹgbò tí kì í ṣe òdì ni a mú, nítorí arcsin kì í dá igun kankan padà tó kọjá àárín −90 àti 90, kósáìnì kì í sì í lọ sábẹ́ òdo láàárín ibẹ̀. Ìyásí arcsin jẹ́ 1/√(1 − x²).

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè fi kalukulétọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ní rédíánì. Níbi x = 0.6, òfin wa sọ pé 1/0.8, ìyẹn 1.25. Arcsin 0.6 jẹ́ 0.6435011, ti 0.601 jẹ́ 0.6447517. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 0.0012506, tí a bá fi 0.001 pín in, 1.2506 ni. Ẹni tó wọn ìyásí níbi x dípò níbi y yóò kọ 1/cos 0.6, yóò rí 1.21, kò sì ní bá ohunkóhun mu.

Ọ̀nà kan náà ni a ń gbà rí ti arctan, 1/(1 + x²). Ti arccos jẹ́ òdì ti arcsin, nítorí àpapọ̀ àwọn méjèèjì kì í kúrò lórí dìgírì 90.

Ká wá padà sí oṣù Kẹta. δ jẹ́ òdo, torí náà x, tó jẹ́ tan φ · tan δ, jẹ́ òdo pẹ̀lú, 1/√(1 − x²) sì di 1. Tan φ nìkan ló kù tó ń ya ìlú sọ́tọ̀. Lásìkò yìí δ ń fi nǹkan bí dìgírì 0.392 lọ sókè lóòjọ́, ìyẹn rédíánì 0.00684. 24/π jẹ́ 7.639. Fún Lọ́ńdọ̀nù, 7.639 × 1.257 × 0.00684 fún wa ní wákàtí 0.0657, ìyẹn ìṣẹ́jú 3.9. Fún Èkó, tan 6.5° kò ju 0.114 lọ, ó sì já sí ìṣẹ́jú-àáyá 21. Ẹ má ṣe fi 0.392 sílẹ̀ ní dìgírì o: òfin ìyásí yìí kò jẹ́ òótọ́ àfi ní rédíánì. Ẹni tó bá gbàgbé yóò rí i pé ọ̀sán Lọ́ńdọ̀nù ń fi wákàtí 3.8 gùn sí i lójúmọ́, tí kò fi ní sí òru mọ́ kí ọjọ́ mẹ́rin tó pé.

Tó bá fi máa di oṣù Kẹfà, x ti Lọ́ńdọ̀nù ti di 0.545, ọ̀sán sì ti di wákàtí 16 àti ìṣẹ́jú 24. Èyí tí wọ́n ń tẹ̀ sínú tábìlì a máa fi bí ìṣẹ́jú mélòó kan jù ú lọ, nítorí etí òkè oòrùn ni wọ́n fi ń kà á, afẹ́fẹ́ sì máa ń tẹ ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń rí i kí ó tó yọ.

Òfin yìí ní ibi tó ti ń kọ̀. Bí f′ bá jẹ́ òdo, a kò lè fi pín 1. Sáìnì a máa tẹ́jú pẹrẹsẹ níbi dìgírì 90, torí náà arcsin a máa nàró ṣánṣán níbi x = 1. Ìlú Tírọ́msò ní Nọ́wè wà ní dìgírì 69.65, tan rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2.70. Nínú oṣù Karùn-ún, nígbà tí δ bá dé 20, x ti di 0.981, 1/√(1 − x²) sì ti di 5.2. Ọ̀sán ti gùn tó wákàtí 22 àti ààbọ̀, ó sì ń fi bí ìṣẹ́jú 27 gùn sí i lójúmọ́ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ δ kò tilẹ̀ yára tó ti oṣù Kẹta mọ́: dìgírì 0.21 péré ló ń lọ. Wákàtí kan àti ààbọ̀ òru tó kù yóò tán kí ọjọ́ méjì tó pé, nígbà tí δ bá kan 20.35.

Lẹ́yìn ìyẹn, x kọjá 1. Tẹ arcsin lórí kalukulétọ̀, yóò kọ Math ERROR. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́: oòrùn kò wọ̀ ní Tírọ́msò lọ́jọ́ náà, kò sì ní wọ̀ títí di oṣù Keje.