Iyọ̀ Kílò Kan Nínú Fúláwà Kílò Mẹ́rin

Bí omi bá kéré jù nínú àpòpọ̀ búrẹ́dì, ẹni tó ń pò ó á tètè mọ̀, torí pé fúláwà ò ní dì mọ́ra. Bí fúláwà ló kéré, gbogbo rẹ̀ á ṣàn bí ògì. Iyọ̀ àti yíìsì ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n kéré débi pé bí ẹnì kan bá sọ gbogbo nǹkan yòókù di ìlọ́po mẹ́rin tó sì gbàgbé ọ̀kan nínú wọn, àpòpọ̀ náà á ṣì rí bó ṣe máa ń rí. Ó lè di ìgbà tí búrẹ́dì bá dé ẹnu kí àṣìṣe náà tó hàn.

Ẹ jẹ́ ká wo ìyá kan tó ń ṣe búrẹ́dì nílé tó ń tà á. Ìwọ̀n tó wà nínú ìwé rẹ̀ jẹ́ ti fúláwà kílò kan: fúláwà gíráàmù 1000, omi 550, ṣúgà 120, bọ́tà 60, iyọ̀ 15, yíìsì gbígbẹ 10. Wọ́n gbé iṣẹ́ búrẹ́dì ìkómọ fún un, ó sì ní kí ọmọọṣẹ́ òun ṣe ìṣirò fúláwà kílò mẹ́rin sílẹ̀. Ohun tí ọmọ náà kọ nìyí: fúláwà 4000, omi 2200, ṣúgà 480, bọ́tà 240, iyọ̀ 15, yíìsì 40.

Ẹni tó bá ka ìwé tuntun yìí nìkan lè má rí nǹkan kan tó burú níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì mọ gíráàmù 15 iyọ̀ dáadáa. Ojoojúmọ́ ló ń wọ̀n ọ́n. Ìdí tí ojú fi ń fò ó gan-an nìyẹn. Ohun tó yẹ ni kí a gbé ìwé àtijọ́ ti tuntun, kí a mú ohun èlò kọ̀ọ̀kan, kí a fi ìwọ̀n rẹ̀ àtijọ́ pín ìwọ̀n rẹ̀ tuntun. Fúláwà: 4000, ẹ fi 1000 pín in, ó jẹ́ 4. Omi: 2200, ẹ fi 550 pín in, 4. Ṣúgà, 4. Bọ́tà, 4. Iyọ̀: 15, ẹ fi 15 pín in, 1. Yíìsì, 4. Iyọ̀ ló dúró síbi tó wà.

Ọ̀nà kejì wà tí mo fẹ́ràn ju èyí lọ, torí pé ó máa ń tọ́ka ẹlẹ́ṣẹ̀ láìjẹ́ pé a yẹ gbogbo wọn wò níkọ̀ọ̀kan. Ẹ ro gbogbo ìwọ̀n àtijọ́ pọ̀: 1755 ni. Ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 7020. Ẹ wá ro ti ìwé tuntun pọ̀: 6975. Gíráàmù 45 ti dín. Ohun èlò tó yẹ kó di ìlọ́po mẹ́rin, tó wá dúró sí ẹyọ kan, ìlọ́po mẹ́ta ara rẹ̀ ló kù kó kún. Ẹ fi 3 pín 45, ẹ ó rí 15. Èwo nínú àwọn ohun èlò àtijọ́ ló jẹ́ gíráàmù 15? Iyọ̀ ni.

Ká ní ohun tó dín jẹ́ 75, tí a fi 3 pín in tó di 25, kò sí ohun èlò kankan tó jẹ́ 25 nínú ìwé àtijọ́. A jẹ́ pé ó ju ẹyọ kan lọ tí wọ́n gbàgbé, bí iyọ̀ 15 àti yíìsì 10. Orí ìwé ni kí ẹ ti ṣe èyí o. Ẹ má gbé àpòpọ̀ sórí òṣùwọ̀n láti fi wá gíráàmù 45, nítorí èyí tó lẹ̀ mọ́ ọwọ́ àti abọ́ nìkan lè tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń fi ṣíbí wọn nǹkan gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ìtànjẹ kan. Ṣíbí tíì mẹ́ta ló wà nínú ṣíbí ìjẹun ńlá kan. Bí ìwé àtijọ́ bá sọ pé yíìsì ṣíbí tíì 1, tí a wá sọ iṣẹ́ náà di ìlọ́po mẹ́ta, a lè kọ ṣíbí ìjẹun 1 sínú tuntun. Ẹni tó bá ń fi ojú wá èyí tí kò yí padà á rí 1 níhìn-ín, á rí 1 lọ́hùn-ún, á sì fi kún ohun tí kò ní àléébù. Ẹ sọ méjèèjì di ṣíbí kan náà kí ẹ tó pín wọn.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó dúró lójú kan ló jẹ́ àṣìṣe, ṣá. Òróró tí a fi ń din pọ́fú-pọ́fú, bí ìkòkò ṣe tóbi tó ló ń pinnu rẹ̀, kì í ṣe iye fúláwà. Iná ààrò kì í di ìlọ́po mẹ́rin. Yíìsì náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: àpòpọ̀ ńlá máa ń pa ooru mọ́ ju kékeré lọ, ìyẹn ló fi máa ń yára wú, àwọn oníbúrẹ́dì kan sì máa ń dín yíìsì rẹ̀ kù díẹ̀. Nítorí náà, bí yíìsì bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta àtààbọ̀ láàárín àwọn mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ bi ẹni tó kọ ọ́ léèrè kí ẹ tó tún un ṣe. Àmọ́ bó bá jẹ́ 1 géérégé, ìgbàgbé ni mo máa kọ́kọ́ fura sí.

Bí wọ́n bá ti pò ó ńkọ́? Iyọ̀ 15 nínú fúláwà 4000 kò tó gíráàmù 4 nínú kílò kan, dípò 15. Iyọ̀ kì í ṣe adùn nìkan nínú búrẹ́dì; òun ló ń di yíìsì lókùn, òun náà ló ń mú kí àpòpọ̀ le dáadáa. Níbi tí kò ti tó, àpòpọ̀ á máa yára wú ju bó ṣe yẹ lọ, á rọ̀, á sì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Yíìsì á jẹ púpọ̀ nínú ṣúgà, ara búrẹ́dì á wá funfun bọ̀jọ̀bọ̀jọ̀ nínú ààrò. Ẹni tó bá rí àwọn àmì wọ̀nyí kó bu díẹ̀ tọ́ wò. Bí wọn kò bá tíì yan án, ó ṣì ní àtúnṣe: ẹ fi omi díẹ̀ yo iyọ̀ 45, ẹ dà á sí i, kí ẹ sì tún un pò títí yóò fi kárí. Bó bá jẹ́ yíìsì ni wọ́n gbàgbé, ó lè má ju sùúrù lọ. Ẹ bò ó, kí ẹ máa wo bó ṣe ń wú, ẹ má wo aago.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ìgbà tí a bá ń dín iṣẹ́ kù. Ká ní ìyá yìí fẹ́ ìdajì, fúláwà 500, tí gbogbo nǹkan yòókù sì di ìdajì àyàfi iyọ̀. Iyọ̀ 15 nínú 500 jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tó yẹ: búrẹ́dì á dùn bí omi òkun, kò sì ní fẹ́ wú. Iyọ̀ tó ti yòrò kò ṣeé ṣà jáde. Àwọn yòókù ló gbọ́dọ̀ lọ bá a níbi tó wà. Ẹ po fúláwà 500 mìíràn pẹ̀lú omi 275, ṣúgà 60, bọ́tà 30 àti yíìsì 5, láìfi iyọ̀ kankan sí i, kí ẹ wá pò ó mọ́ ti àkọ́kọ́. Iyọ̀ 15 nínú fúláwà 1000 ló kù yẹn. Ìdajì tí ìyá náà fẹ́ ti di odidi. Kó wá ẹni tó máa ra èyí tó lé.