Kí O Tó Wọ Bàálù

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Físà ti jáde, ilé ìwòsàn tó gbà ọ́ síṣẹ́ ní Mansẹ́sítà ti ń retí rẹ, gbogbo àdúgbò ló sì ń kí ọ kú oríire. Èmi náà kí ọ. Ṣùgbọ́n jókòó ka lẹ́tà yìí kí o tó di ẹrù tán, nítorí àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò ní ráyè sọ ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹkún kì í jẹ́ kí ènìyàn ṣírò owó.

Mo ti rí àwọn ọ̀rẹ́ tí òkun kò pín níyà, tí sìmẹ́ńtì pín níyà. Èyí tó jápa ń sọ pé wọ́n jẹ owó òun, èyí tó wà nílé ń sọ pé òun fi tòun kún un. Kò sí ìwé kankan láàárín wọn. Olúkúlùkù gbé ìṣirò tirẹ̀ sórí, orí méjèèjì kò sì bára mu. N kò fẹ́ kí tiwa rí bẹ́ẹ̀.

Síìmù rẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, èyí tó so mọ́ báńkì. Mo gbọ́ pé o fẹ́ fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Jọ̀ọ́, mú un lọ. Bí owó bá sọnù nínú àkáǹtì yẹn lọ́la, tí nọ́ńbà àṣírí tí báńkì fi ń ránṣẹ́ sì jẹ́ pé ọwọ́ mi ló ń wọ̀, kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣùgbọ́n má kàn jù ú sínú àpótí. Bí láìnì bá lo oṣù mẹ́fà láìpe ẹnikẹ́ni, láìfi iṣẹ́ kankan ránṣẹ́, ilé-iṣẹ́ fóònù láṣẹ láti pa á. Bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún kọjá bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà náà lè di ti ẹlòmíràn. Nítorí náà, kí o tó kúrò ní Nàìjíríà, ní kí wọ́n ṣí i kó lè máa ṣiṣẹ́ lókè òkun, kí o kó o sí ojú síìmù kejì nínú fóònù rẹ, kí o sì máa fi tẹ́ẹ̀sì kan ránṣẹ́ sí mi lóṣooṣù. Kọ ohun tó bá wù ọ́ sínú rẹ̀. Èébú náà ṣeé kọ.

Ọ̀rọ̀ Màmá ló kàn. Ìwọ ni nọ́ọ̀sì, èmi ni télọ̀, n kò sì ní kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n o kò ní sí nílé mọ́ láti máa rí ohun tí mo ń rí. Ara wọn á yá, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fo oògùn, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í fìgbà gbogbo dunni. Bí mo bá bi wọ́n bóyá wọ́n ti lò ó, "Mo ti lò ó" ni wọ́n á fi dá mi lóhùn, kódà bí wọn kò bá tíì fọwọ́ kàn án. Nítorí náà n kò ní béèrè. Mo máa ka hóró ni. Páálí tí wọ́n ń rà ní hóró 30, ọ̀kan lójúmọ́. Bí mo bá yọjú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, 16 ló yẹ kó kù. Bí mo bá bá 23, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ti fò nìyẹn. Èmi kò ní bá wọn jà. Ìwọ ni n ó pè, kí o bá wọn sọ ọ́, nítorí ohùn ọmọ wọn ni wọ́n ń gbọ́.

Owó oúnjẹ wọn, fi í sínú àkáǹtì tiwọn tààrà. Owó oògùn nìkan ni kí o fi ránṣẹ́ sí mi, n ó sì ya fọ́tò rìsíìtì. Bí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan bá ní ìwọ ní kí n fún òun ní nǹkan, n kò ní fún un. N kì í ṣe apínwó ẹbí. Ọjọ́ tí wọ́n bá mọ̀ pé ọwọ́ mi lowó ń gbà kọjá ni mo di ọ̀tá wọn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o fi sílẹ̀ ṣáájú, owó pàjáwìrì. Bí ara wọn bá yí padà lóru, n kò ní dúró de ìgbà tí o máa kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí n tó gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.

Wàyí o, ilẹ̀ Ológunẹ́rù. O ní kí n bá ọ mọ fẹ́ǹsì yí i ká kíá, kí àwọn ọmọ onílẹ̀ má baà tà á lẹ́ẹ̀kejì. Òótọ́ ni ìbẹ̀rù yẹn, ṣùgbọ́n má fowó ránṣẹ́ kíákíá. Kí o tó yege ìdánwò àfọwọ́ṣe tí wọ́n fi ń gba nọ́ọ̀sì láti ilẹ̀ òkèèrè sínú ìwé wọn, owó oṣù rẹ yóò kéré sí ti nọ́ọ̀sì gidi. Ilé gbígbà àti aṣọ òtútù yóò sì ti dúró dè ọ́. Yege ná.

Ní báyìí, lọ́jọ́ Sátidé, jẹ́ ká jọ lọ wo òpó sọ́fè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní igun ilẹ̀ náà, ká ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lára wọn, ká fi í wé èyí tó wà nínú ìwé ilẹ̀. Òpó yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń hú bí wọ́n bá fẹ́ jẹ ilẹ̀ onílẹ̀.

Mo ti ṣírò fẹ́ǹsì náà. Ilẹ̀ rẹ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 ní 100, àyíká rẹ̀ wá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 300. Búlọ́ọ̀kù oníǹṣì mẹ́sàn-án gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, tó fi jẹ́ pé ìlà kan yóò gba bíi 200. Bí a bá to ìlà méjì sínú ilẹ̀ àti mẹ́jọ sókè, 2,000 nìyẹn, ká tó yọ ojú géètì. Bíríkìlà tó bá ní 2,600 ni òun nílò, kó wá fi ìlà hàn mí. Búlọ́ọ̀kù náà fúnra rẹ̀, n ó yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó já a sílẹ̀. Èyí tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣahun sí, bí o bá fi èékánná ha etí rẹ̀, yanrìn á máa dà sílẹ̀. Irú ẹ̀ kò ní wọlé.

Fídíò ni n ó máa fi ránṣẹ́, kì í ṣe fọ́tò, nítorí fọ́tò ilé onílé ni wọ́n fi ń tan àwọn tó wà lókè òkun. N ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú títì, n ó rìn dé ara ògiri láìdá a dúró. Má sì rò pé mo ń bínú bí o bá béèrè owó sìmẹ́ńtì ọjọ́ Túsìdeè. Bi mí. N ó gba owó ọkọ̀ mi àti owó ọjọ́ tí n kò bá ránṣọ nítorí iṣẹ́ rẹ, n ó sì kọ ọ́ sínú ìṣirò ní gbangba. Ọ̀fẹ́ ló máa ń bí ìkùnsínú.

Bí ìwé kan bá wà tí o fẹ́ kí n fọwọ́ sí lórúkọ rẹ, jẹ́ kí lọ́yà kọ ìwé àṣẹ aṣojú kí o tó lọ, kó dárúkọ ilẹ̀ yìí nìkan, kó sì sọ pé n kò láṣẹ láti tà á. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Aago kò ní jẹ́ ìṣòro wa. Láti òpin oṣù Kẹta dé òpin oṣù Kẹwàá, aago ọ̀hún àti tiwa dọ́gba. Nígbà òtútù, wákàtí kan péré la fi ṣáájú wọn. Iṣẹ́ òru rẹ ló máa yọ wá lẹ́nu. Nítorí náà, nígbàkigbà tí wọ́n bá fún ọ ní ìwé iṣẹ́ oṣù, fi ránṣẹ́ sí mi kí n lè mọ ìgbà tí o ń sùn. Bí mo bá pè ọ́ lásìkò tí mo mọ̀ pé o ń sùn, Màmá ni. Gbé e.

Kọ́kọ́rọ́ ilé ńkọ́? Méjì ni mo fẹ́.

Èmi ni tìrẹ,
Ọ̀rẹ́ rẹ ní Òkè-Àdó