Lẹ́tà ọmọ kan sí ìyá rẹ̀: Ẹ wádìí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́

Lónìí, lẹ́tà ni a ó jọ kà. Ọmọ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu ló kọ ọ́ sí ìyá rẹ̀ ní abúlé kan lẹ́bàá Kétu. Ẹ rọra kà á. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ kà á sí etí ẹni tí kò tíì mọ̀wé kà.

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín. Mo kí bàbá, mo kí gbogbo ará ilé. Ara mi le, kò sí ohun tó ṣe mí. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀.

Àbúrò mi ti sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lọ́jọ́ ọjà fún mi. Ó ní ọkùnrin kan pè yín lórí fóònù, ó ní dókítà ni òun. Ó ní ọkọ̀ kọlu ọmọ yín, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, wọn kò sì ní tọ́jú rẹ̀ àfi bí 75.000 fáránkì bá kọ́kọ́ wọlé. Ẹ kó 40.000 owó àgbàdo, ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ ti ń lọ yá 35.000 tó kù lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àjọ yín, kí àbúrò mi tó dé, kó tó pè mí, tí ẹ fi gbọ́ ohùn mi.

Ìyá mi, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Ìyá tó gbọ́ pé ọmọ òun wà nínú ẹ̀jẹ̀ kò lè jókòó kó máa ro ọ̀rọ̀ wò. Ohun tí olè náà gbẹ́kẹ̀ lé nìyẹn.

Ẹ bi àbúrò mi pé: «Bí kì í bá ṣe òótọ́, báwo ló ṣe mọ orúkọ ọmọ mi?» Ẹ jẹ́ kí a tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà ní: «Ìyá, ọmọ yín ọkùnrin tó wà ní Kútọnu ni.» Kò dárúkọ ẹnì kankan. Ẹ̀yin lẹ figbe ta, tí ẹ pe orúkọ mi. Láti ìgbà náà lòun náà ti ń pè é. Ẹ tún ní: «Ṣé orí alùpùpù tó fi ń lọ síbi iṣẹ́ ni?» Ó ní: «Òun náà ni.» Ẹnu yín ló ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá mélòó ni kò ní ọmọ ní Kútọnu ní agbègbè wa? Bí olè bá pe ènìyàn mẹ́wàá, yóò bá ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá mu pàdé.

Ó tún sọ nǹkan mẹ́ta míràn fún yín. Ó ní kí ẹ yára, ó ní kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ó ní fóònù mi ti fọ́. Kò fẹ́ kí ẹ ráyè bi ẹlòmíràn léèrè, kò sì fẹ́ kí ẹ pè mí. Nígbàkigbà tí ẹ bá gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ owó, ẹ mọ̀ pé olè lẹ ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣe nìyí.

Èkíní, ẹ pa ìpè náà. Ẹ má tún pe nọ́ńbà tó pè yín, nítorí olè kan náà ni yóò gbé e. Ẹ ṣí ìwé yín, kí ẹ pe nọ́ńbà mi tó wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ pè é lọ́jọ́ náà, tí kò wọlé, tí ẹ fi gbà pé òótọ́ ni fóònù mi fọ́. Àbúrò mi ti wo ìwé náà. Nọ́ńbà àtijọ́ ló wà níbẹ̀, èyí tó ní ẹyọ 8. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà fóònù ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti di ẹyọ 10. A fi 01 sí iwájú ti àtijọ́. Ẹ kọ 01 yìí sí iwájú gbogbo nọ́ńbà àtijọ́ tó wà nínú ìwé yín.

Bí ẹ bá pè mí tí n kò gbé e, ìyẹn kò sọ pé òótọ́ ni olè ń pa. Ó lè jẹ́ pé iná tán nínú fóònù mi, tàbí pé mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ pe ìyàwó mi. Bí kò bá gbé e, ẹ pe ọ̀gá mi. Mo kọ nọ́ńbà àwọn méjèèjì sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà yìí. Bí ẹni náà bá tún pè, ẹ bi í pé: «Ilé ìwòsàn wo ni? Ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ níbẹ̀ báyìí.» Dókítà tòótọ́ yóò dárúkọ ibi tó wà. Olè yóò bínú, tàbí kó pa fóònù.

Èkejì, olè lè jí fóònù mi gan-an, kó sì fi pè yín. Ẹ ó rí nọ́ńbà mi, ẹ ó sì gbọ́ ẹni tó ń sunkún bí èmi. Ẹ béèrè ohun tó bọ́ sínú kànga lọ́jọ́ tí ẹ fi pàṣán nà mí. Èmi àti ẹ̀yin nìkan la mọ̀ ọ́n. N kò ní kọ ìdáhùn rẹ̀ síhìn-ín, nítorí ẹlòmíràn lè ka lẹ́tà yìí.

Ẹ̀kẹta, kí owó tó lọ, fóònù máa ń gbé orúkọ ẹni tí yóò gbà á jáde. Ẹ̀yin ti mọ̀wé kà báyìí. Ẹ ní kí ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ fi orúkọ náà hàn yín, kí ẹ kà á fúnra yín. Lọ́jọ́ ọjà yẹn, orúkọ obìnrin ló jáde, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin ni ẹni tó pe ara rẹ̀ ní dókítà. Kò sí ẹni tó kà á. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé bí orúkọ tilẹ̀ bá ọ̀rọ̀ mu, ìyẹn nìkan kò tó, nítorí olè lè lo fóònù tí wọ́n fi orúkọ ẹlòmíràn gbà.

Ní ti 40.000 náà, wọ́n ti gbà á jáde kí àbúrò mi tó padà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fi í ránṣẹ́. Bí owó bá ṣì wà lórí fóònù olè, ilé iṣẹ́ tó ni fóònù lè dá a dúró. Bí wọ́n bá ti gbà á sọ́wọ́, ó ṣòro kó tó padà. Nítorí náà, bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ sáré padà síbi tí ẹ ti fi owó ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ sọ iye owó náà, wákàtí tó lọ, àti nọ́ńbà tó lọ sí. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sọ fún ọlọ́pàá.

Bí oṣù bá parí, èmi yóò wá sílé, a ó sì jọ wá nǹkan ṣe sí owó àgbàdo náà.

Èmi ni, ọmọ yín.

Ẹ̀yin ará wa, lẹ́tà náà parí. Ẹ mú ìwé yín àti bírò. Ẹ kọ orúkọ ọmọ yín kan tó wà lókèèrè ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí iwájú rẹ̀. Ẹ kọ ti ẹni méjì míràn tó ń gbé nítòsí rẹ̀. Ẹ ka ẹyọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan: bí kò bá pé 10, ẹ tún un kọ. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹnì kọ̀ọ̀kan lónìí tí ara gbogbo yín ṣì le, kí ẹ lè mọ̀ pé ó ń wọlé.