Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù Inú Àpótí
Ní 1924, Louis de Broglie sọ pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà ní ìgbì. Bí a bá há a mọ́ àárín ògiri méjì tí kò lè là kọjá, ìgbì rẹ̀ gbọ́dọ̀ di òdo lára ògiri méjèèjì, bí okùn gìtá tí a so lórí méjèèjì. Ìdajì ìgbì kan, méjì tàbí mẹ́ta lè wọ ibẹ̀. Ìdajì ìgbì kan àbọ̀ kò lè wọ̀ ọ́.

Nínú àpótí nánómítà 1, agbára ìpele kìíní tó ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù-fóltì 0.38, ti ìkejì jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀. Kò sí ìpele òdo, nítorí náà kò lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ láé.

Fi gíga ìgbì sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, wàá mọ ibi tó ṣeé ṣe jù láti bá a. Ní ìpele kìíní, àárín ni. Ní ìpele kejì, ẹ kò ní bá a ní àárín gan-an rárá.