Tu Tàbí Vous: Ojú Àgbà Nìkan Kọ́ Ni Faransé Ń Wò

Yorùbá tó ń kọ́ èdè Faransé kì í sábà bẹ̀rù tu àti vous. Ó ti mọ "o", ó mọ "ẹ", kí ló tún kù? Ó ku ohun kan: bí àwọn méjì tó ń sọ̀rọ̀ ṣe mọra wọn tó ni Faransé ń wò ṣáájú ọjọ́ orí wọn.

Ká wo ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì kan nílùú Lyon. Ọmọge ogún ọdún ló ń tajà, bàbá ọgọ́ta ọdún ló wọlé. "Bonjour, madame" ni bàbá máa kọ́kọ́ sọ, vous ni yóò sì fi bá a ná ọjà dé òpin. Vous ni ọmọge náà yóò fi dá a lóhùn. Bí bàbá bá sọ tu nítorí pé òun lè bí i lọ́mọ, àrífín ni wọ́n máa kà á sí. Kó má sì ṣe gbàgbé pé "s'il vous plaît" ló bá vous rìn. "S'il te plaît" ti ya sọ́dọ̀ tu.

Ọmọdé ni àgbà lè sọ tu sí láìmọ̀ ọ́n rí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, ọ̀dọ́mọkùnrin kan pe Ààrẹ Macron ní "Manu" níbi ayẹyẹ kan ní Mont-Valérien. Macron bá a wí, ó ní kó pe òun ní Ọ̀gbẹ́ni Ààrẹ tàbí Ọ̀gbẹ́ni. Tu ni òun fúnra rẹ̀ fi ń bá ọmọ náà wí.

Ọ́fíìsì ló máa ń rú tuntun lójú. Níbi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tàbí ìpolówó, tu lè ti gbòde kan láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, títí dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Níbòmíràn, vous ṣì ń ṣiṣẹ́. Kí àlejò fi vous bẹ̀rẹ̀, kó sì tẹ́tí, bí ẹnì kan bá ní "On se tutoie?", ilẹ̀kùn ti ṣí nìyẹn. Kó tó ṣí, "Ça va?" ò mú tu tàbí vous lọ́wọ́, ó sì wúlò fún ẹni tí ò tíì mọ ibi tó dúró sí láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ti àgbà aládùúgbò ló le jù. Ní Benin, èèyàn lè pe irú wọn ní "tantie" tàbí "maman". Ní Faransé, "madame" àti vous ni. Wọ́n lè fi vous bára wọn sọ̀rọ̀ fún ogún ọdún kí wọ́n sì jọ máa jẹun, torí vous kì í ṣe ìkórìíra: nígbà ayé Jacques Chirac, òun àti Bernadette ìyàwó rẹ̀ gan-an máa ń fi vous pe ara wọn. Ṣùgbọ́n bí ìyá náà bá fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n máa lo tu, ẹni tó bá ṣì ń sọ vous láìṣàlàyé lè dà bí ẹni tó ń tì í sẹ́yìn. Èyí tí ahọ́n rẹ̀ bá kọ̀ lè sọ pé "J'ai du mal à vous tutoyer", pé ó ṣòro fún òun láti pe ìyá náà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà Faransé máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gbà á bẹ́ẹ̀.